Iná éésì àbí iná díísì: èwo lẹ máa fà wọ yàrá yín?

Tẹ́ ẹ bá wọ ìsọ̀ ẹni tó ń ta sólà ní Kubwa tàbí Nyanya, tẹ́ ẹ sì sọ pé yàrá kan àti pálọ̀ lẹ fẹ́ tan iná sí, ọ̀nà méjì ni wọ́n máa fi hàn yín. Ọ̀kan ni pé kẹ́ ẹ ra páńẹ́ẹ̀lì, kọ́ńtírólà tó ń ṣọ́ bí iná ṣe ń wọ bátìrì, àti bátìrì fúnra ẹ̀, kẹ́ ẹ wá fa wáyà láti ibẹ̀ tààrà lọ sídìí fáànù àti gílóòbù tó ń lo 12V. Díísì nìyẹn. Èkejì ni pé kẹ́ ẹ fi ínfátà sáàárín, kí iná tó ń jáde dà bíi ti Nẹ́pà, kẹ́ ẹ lè ki ohun tó bá wù yín bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Éésì nìyẹn. Èmi á ti sọ ibi tí mo dúró sí kíá kẹ́ ẹ má baà máa wá a kiri: ẹni tó ń gbé yàrá kan tàbí méjì, tí kò ní fíríìjì, díísì ni kó kọ́kọ́ yẹ̀ wò, ẹni tó ní fíríìjì tàbí pọ́ǹpù omi, tàbí tí ibi tó máa gbé bátìrì sí jìnnà sí ibi tó ń sùn, kó lọ ra ínfátà jàre. Ìdí ẹ̀ ló gùn díẹ̀, ìdí yẹn kan náà ló sì fà á tí sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri fi ń gbé éésì wá tí bátìrì fóònù sì ń lo díísì.

Bí àwọn méjèèjì ṣe ń rìn

Iná díísì, apá kan ló ń rìn sí, kì í yí padà. Ó ní ẹnu pọ́sítífù, ó ní ẹnu nẹ́gátífù, tẹ́ ẹ bá sì pààrọ̀ wọn nǹkan lè bàjẹ́. Iná éésì ní tiẹ̀ dà bí ayùn lọ́wọ́ káfíńtà, ó ń lọ ó ń bọ̀, síbẹ̀ iṣẹ́ ń lọ ní àlọ àti ní àbọ̀. Ti Nàìjíríà máa ń lọ-bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, òun ni 50Hz tẹ́ ẹ máa ń rí lára nǹkan, ìyẹn ni pé ó ń yí apá tó ń lọ padà nígbà 100 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan náà. 230V tí wọ́n ń pè é yẹn gan-an, ìwọ̀n iṣẹ́ tó ń ṣe ní ìpíndọ́gba ni, torí bó ṣe ń lọ sókè sódò yẹn, ó máa ń dé nǹkan bí 325V ní góńgó ẹ̀, ó máa wálẹ̀ sí òdo, ó tún máa lọ sí 325V ní òdìkejì.

Ẹ fi òdo yẹn sọ́kàn, a máa padà débẹ̀ tá a bá ń sọ̀rọ̀ bíréékà.

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà jíjìn: ibi tí éésì ti borí

Àbúrò kan tó ń gbé Mararaba pè mí lóṣù kẹta, ìgbà tí ooru ibí yìí ò jẹ́ kéèyàn mí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, fáànù mi ń yí bí ẹni tó ń ṣàìsàn, tí mo bá wá tan gílóòbù pálọ̀ ó tún máa lọ́ra sí i, àbí bátìrì ti kú ni?" Bátìrì ọ̀hún ò tíì pẹ́ tó rà á. Mo ní kó wọn iná lórí bátìrì fúnra ẹ̀, ó bá 12.6V, ìyẹn dáa. Mo ní kó lọ wọ̀n ọ́n nídìí fáànù níbi tí wáyà parí sí nígbà tí gbogbo nǹkan wà ní títàn, ó bá 11.4V. Wáyà ló jẹ ìyókù.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Wáyà bàbà oníwọ̀n 1.5mm² ni rẹwáyà ẹ̀ fà, èyí tí wọ́n sábà máa ń fi ṣe iná gílóòbù nínú ilé. Láti ìdí bátìrì dé yàrá jẹ́ mítà mẹ́wàá, ṣùgbọ́n iná gbọ́dọ̀ lọ kó sì padà, torí náà mítà 20 ni wáyà tó ń gbà kọjá. Wáyà yẹn ń dènà iná ní nǹkan bí 0.24 óòmù. Gbogbo ohun tó ń lò, fáànù, gílóòbù àti ohun tó fi ń ṣáájì fóònù, ó tó wáàtì 60. Wáàtì 60 lórí 12V jẹ́ áńpù márùn-ún, 60 pín sí ọ̀nà 12 nìyẹn. Áńpù márùn-ún lọ́nà 0.24 sì jẹ́ 1.2V. Ohun tó sọnù sójú ọ̀nà nìyẹn, 12.6 yọ 1.2, ẹ máa bá 11.4. Bí bátìrì bá wá ń lọ sílẹ̀ lóru, tó bọ́ sí 12.0V, fáànù á máa gba 10.8V péré, lóru yẹn gan-an lèèyàn sì nílò ẹ̀ jù.

Tó bá jẹ́ pé iná 230V ló gba inú wáyà yẹn kan náà kọjá, wáàtì 60 kan náà, áńpù tó máa gbé ò ní ju 0.26 lọ. 0.26 lọ́nà 0.24, kò tó ìdá mẹ́wàá fóòtì kan. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé nǹkan kan sọnù.

Gbogbo ọ̀rọ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri wà nínú ìṣírò kékeré yìí. Tí fóòtì bá ga, áńpù máa kéré, áńpù ló sì ń mú wáyà gbóná, kì í sì í ṣe pé ó ń mú un gbóná wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, tí áńpù bá di ìlọ́po méjì ooru tó ń ṣòfò máa di ìlọ́po mẹ́rin. Iná tó ń ti ìdídò Shiroro ní ìpínlẹ̀ Niger wá sí Abuja, 330V kọ́ ló ń rìn lórí àwọn òpó gàgàrà tẹ́ ẹ máa ń rí nínú igbó, 330,000V ni. Tó bá dé ìtòsí ìlú wọ́n á rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí tó fi máa dé 33,000V àti 11,000V, kó tó wá kan tíránsífọ́mà àdúgbò yín tó máa sọ ọ́ di 230V tó ń wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì.

Tíránsífọ́mà yìí ló so éésì mọ́ ògiri. Irin àti bàbà lásán ni, okùn bàbà méjì tá a wé mọ́ irin kan, wọn ò fara kan ara wọn rárá. Iná tó bá ń lọ-bọ̀ nínú okùn àkọ́kọ́ máa ń mú kí agbára òòfà inú irin máa yí padà, ìyípadà yẹn ló ń bí iná sínú okùn kejì, tí iye ìgbà tá a wé okùn kejì bá sì kéré sí ti àkọ́kọ́, fóòtì máa wálẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fi díísì sí i, agbára òòfà á dúró gbagidi, kò sí ìyípadà, kò sí nǹkan kan tó máa jáde ní òdìkejì, okùn àkọ́kọ́ á kàn máa gbóná títí tó fi máa jóná. Nígbà tí Thomas Ẹ́dísìn ará Amẹ́ríkà ṣí ilé iṣẹ́ iná ẹ̀ sí òpópónà Pearl ní Níú Yọ́ọ̀kì lọ́dún 1882, díísì ló fi ń tan iná fún àwọn èèyàn, àwọn tó wà nítòsí nìkan ló sì lè gbà á, torí kò sí ọ̀nà tó rọrùn nígbà yẹn láti gbé fóòtì díísì sókè kó tó rìn tàbí láti rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ tó bá dé ẹnu ọ̀nà. Lọ́dún 1896 ni éésì rin láti ìtàkùn omi Náyágárà dé ìlú Búfálò, bí ọ̀rọ̀ ṣe parí síbẹ̀ nìyẹn. (Láyé òní ẹ̀rọ ti wà tó lè gbé díísì sókè sódò, àwọn orílẹ̀-èdè kan sì ń fi ṣe ọ̀nà tó jìn gan-an, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yẹn wọ́n, tíránsífọ́mà àdúgbò ò nílò ẹ̀.)

Ọ̀rọ̀ ìfipamọ́: ibi tí díísì ti borí

Ohun kan wà tí éésì ò lè ṣe láéláé: kò ṣeé tọ́jú. Kò sí bátìrì éésì, ẹni tó bá tà á fún yín gbà yín lówó ni.

Bátìrì fóònù jẹ́ ti lítíọ́ọ̀mù. Tẹ́ ẹ bá ń ṣáájì ẹ̀, iná ń ti àwọn eérún lítíọ́ọ̀mù láti ẹ̀gbẹ́ kan lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì níbi tí wọ́n máa fara pamọ́ sí, tẹ́ ẹ bá wá yọ ṣájà tẹ́ ẹ ń lò ó, wọ́n á máa padà síbi tí wọ́n ti wá, ìpadàbọ̀ wọn ló ń mú kí fóònù ṣiṣẹ́. Bí ẹnì kan bá wá fi éésì sí i, iná á ti wọn lọ fún ìdá kan nínú 100 ìṣẹ́jú-àáyá, á sì fà wọ́n padà fún àkókò kan náà, ohun tó kó wọlé ló ń kó jáde. Ìyẹn tiẹ̀ ni pé bátìrì náà yè é, torí pé bátìrì tó kún ò gbọ́dọ̀ ju nǹkan bíi 4.2V sí 4.5V lọ, ẹ wá fi 325V kàn án, iná ló máa gbà. Lítíọ́ọ̀mù tó bá gba iná ju ìwọ̀n ẹ̀ lọ máa ń wú, ó sì lè jó.

Yàtọ̀ sí bátìrì, àwọn ẹ̀rọ tíntìntín inú fóònù náà fẹ́ iná tó dúró sójú kan, tí kì í gòkè sọ̀ kalẹ̀. Bí ti fóònù ṣe rí náà ni ti láàpútọ́ọ̀pù, rédíò àti gílóòbù ẹlẹ́ẹ̀dì, gbogbo wọn ń lo díísì nínú lọ́hùn-ún, àwa la ò rí i.

Ṣájà ló wá dúró sáàárín àwọn méjèèjì. Ẹ gbé èyí tó wà lọ́wọ́ yín, ẹ yí i padà, ẹ máa rí nǹkan tó jọ èyí tí wọ́n kọ́ wẹ́wẹ́ sí i:

```
INPUT: 100-240V~ 50/60Hz 0.35A
OUTPUT: 5V⎓2A
```

Àmì tó rí wọ́gọwọ̀gọ yẹn, `~`, éésì ni. Ìlà gbọọrọ kan tó ní ìlà kékeré mẹ́ta lábẹ́, `⎓`, díísì ni. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà, àmì méjèèjì yìí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá kí ẹ tó gbọ́ ohun tí ẹni tó ń tà á ń sọ.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀ dùn mọ́ mi gan-an. Dáyóòdù mẹ́rin ló kọ́kọ́ pàdé éésì bó ṣe ń wọlé, dáyóòdù kì í jẹ́ kí iná gba ẹ̀yìn padà, wọ́n á tò ó kí àlọ àti àbọ̀ lè máa jáde sápá kan náà. Kapásítọ̀ kan tó sanra máa wá gbà á kó lè rọlẹ̀, tẹ́ ẹ bá rí ṣájà tó fọ́ ẹ wo ara kapásítọ̀ yẹn, 400V ni wọ́n sábà máa ń kọ sí i, torí góńgó 325V tá a sọ lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn èyí ni ẹ̀rọ kan tún máa máa já iná náà ní ọ̀pọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá, ó tún sọ ọ́ di iná tó ń yí padà, kó lè gba inú tíránsífọ́mà kọjá wálẹ̀ sí 5V, dáyóòdù mìíràn á tún wá tún un tò. Torí pé ó ń yí padà kíákíá ju ti Nẹ́pà lọ ni tíránsífọ́mà yẹn fi lè kéré bí orí àtàǹpàkò. Àwọn ṣájà àtijọ́ tó wúwo bí òkúta, 50Hz ni tíránsífọ́mà tiwọn ń bá ṣiṣẹ́, ìdí tí irin inú ẹ̀ fi pọ̀ nìyẹn.

Ká wá gbé àwọn méjèèjì sórí bátìrì kan náà

Ẹ jẹ́ ká mú bátìrì olómi tàbí jẹ́ẹ̀lì 12V, 100Ah. Lórí ìwé, wáàtì-wákàtí 1,200 ló wà nínú ẹ̀, 12 lọ́nà 100 nìyẹn, ṣùgbọ́n irú bátìrì yìí, tẹ́ ẹ bá ń lò ó kọjá ìdajì lójoojúmọ́ kò ní pẹ́ tó fi máa kú, torí náà 600 la máa kà.

Ilé tó bá fa díísì: gílóòbù méjì oníwáàtì márùn-ún fún wákàtí márùn-ún, 50. Fáànù díísì oníwáàtì 25 fún wákàtí mẹ́sàn-án, 225. Fóònù mẹ́ta, bátìrì 5,000mAh kan jẹ́ nǹkan bíi wáàtì-wákàtí 19, ẹ ka ìfiṣòfò mọ́ ọn kẹ́ ẹ fi sí 25 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, 75. Gbogbo ẹ̀ jẹ́ 350. Ilẹ̀ máa mọ́, 250 ṣì máa ṣẹ́ kù.

Ilé tó lo ínfátà: gílóòbù 50 yẹn náà, fóònù 75 yẹn náà, ṣùgbọ́n fáànù onídùúró tí wọ́n ń ki bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, wáàtì 50 ni wọ́n sábà máa ń jẹ, wákàtí mẹ́sàn-án jẹ́ 450. Àpapọ̀ 575. Ínfátà náà ń gba tiẹ̀ lórí ẹ̀, tá a bá ní ó ń gbé 85 jáde nínú 100 tó gbà, bátìrì máa san nǹkan bíi 675. Ó ti kọjá 600 nìyẹn.

Ká má parọ́ o, èyí tó pọ̀ jù nínú ìyàtọ̀ yẹn, ara fáànù ló ti wá. Mọ́tò fáànù díísì tòde òní dáa ju ti onídùúró àtijọ́ lọ, kì í ṣe pé iná díísì fúnra ẹ̀ ní idán kankan. Ẹni tó bá rí fáànù éésì tí ò jẹun púpọ̀, ìyàtọ̀ náà máa kéré.

Ibi tí ínfátà ti ń ṣe èèyàn níbi jù ni kéèyàn tàn án sílẹ̀ nítorí nǹkan kékeré. Ínfátà kékeré lè máa jẹ wáàtì mẹ́wàá láìgbé nǹkan kan. Tẹ́ ẹ bá tàn án fún wákàtí mẹ́wàá torí kí fóònù kan ṣoṣo lè kún, ó ti jẹ 100 lẹ́nu, fóònù ọ̀hún gba 25. Bátìrì díísì, ínfátà sọ ọ́ di éésì, ṣájà tún sọ ọ́ padà sí díísì, kí la wá ń sáré kiri fún? Ẹ ra ẹnu ṣájà inú ọkọ̀ tó ń gba 12V, ẹ so ó mọ́ kọ́ńtírólà, ó tán.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ wò wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn:

| Ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe | Díísì 12V | Éésì láti inú ínfátà |
|---|---|---|
| Fóònù, gílóòbù, fáànù kan | Òun ló dáa jù | Ó ń ṣòfò |
| Fíríìjì, pọ́ǹpù, ayọ́ọ̀nù | Kò ṣeé ṣe fún ọ̀pọ̀ | Òun ni kẹ́ ẹ rà |
| Wáyà tó ju mítà mẹ́wàá lọ | Wáyà gbọ́dọ̀ nípọn | Wáyà lásán tó |
| Tí ọwọ́ bá ṣèèṣì kàn án | 12V kì í gbé èèyàn | Ó lè pa èèyàn |

Fún ayọ́ọ̀nù, wáàtì 1,000 lórí 12V jẹ́ áńpù 83, wáyà tó máa gbé ìyẹn láti yàrá dé kíṣíìnì, owó ẹ̀ lè ra ínfátà. Tẹ́ ẹ bá sì ń ra ínfátà, ẹ bi wọ́n bóyá ó jẹ́ èyí tí iná ẹ̀ ń gòkè sọ̀ kalẹ̀ wẹ́rẹ́ bíi ti Nẹ́pà, torí àwọn olówó pọ́ọ́kú máa ń ṣe é ní onígun mẹ́rin, fáànù á máa kùn bí oyin, mọ́tò fíríìjì á sì máa gbóná.

Bíréékà àti mítà, ẹ ṣọ́ra fún wọn

Òdo tá a sọ níjọ́sí ló dé yìí. Tẹ́ ẹ bá pa ṣúwíìṣì, iná máa ń fẹ́ fò láti ẹnu irin kan sí èkejì, ìtàpàrà kékeré yẹn. Ti éésì máa ń kú fúnra ẹ̀ torí pé nígbà 100 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá ni iná ń kan òdo. Díísì kì í kan òdo, tó bá ti mú, ó lè máa jó lọ. Lórí 12V kò fi bẹ́ẹ̀ le, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá so páńẹ́ẹ̀lì mẹ́ta tàbí mẹ́rin tẹ̀ léra wọn lórí òrùlé, fóòtì ẹ̀ lè kọjá 100, bíréékà tí wọ́n kọ `~` sí lára ò gbọ́dọ̀ débẹ̀ rárá. Èyí tí wọ́n kọ `DC` tàbí `⎓` sí ni kẹ́ ẹ fi síbẹ̀, kẹ́ ẹ sì wo fóòtì tí wọ́n kọ sí i. Tí bíréékà bá ń rùn bí ike tó ń jó, tàbí tí ẹnu ẹ̀ dúdú, ẹ má fi falẹ̀, ẹ ní kí rẹwáyà wá, kó rí i pé páńẹ́ẹ̀lì àti bátìrì ò mú iná wá síbẹ̀ mọ́ kó tó pààrọ̀ ẹ̀.

Mítà tí wọ́n fi ń wọn iná náà ní `V~` àti `V⎓`. Tẹ́ ẹ bá gbé e sí `V⎓` tẹ́ ẹ wá ki ẹnu ẹ̀ bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì tí iná wà nínú ẹ̀, òdo tàbí nǹkan tó sún mọ́ òdo ló máa sọ, torí àlọ àti àbọ̀ ti pa ara wọn rẹ́, ẹni tí ò mọ̀ á ní iná ti lọ, á sì ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ẹ wo ibi tí ìtọ́ka mítà wà kẹ́ ẹ tó gba òdo gbọ́.

Ti pé 12V kì í gbé èèyàn yẹn, kò sọ pé kò lè jó ilé. Bátìrì 100Ah tí pọ́sítífù àti nẹ́gátífù ẹ̀ bá kanra lè tú ọgọ́rọ̀ọ̀rún áńpù jáde lẹ́ẹ̀kan náà, wáyà 1.5mm² á pọ́n bí irin inú iná kẹ́ ẹ tó sáré dé ibẹ̀. Fíúsì áńpù mẹ́wàá ti tó fún ilé tó ń lo wáàtì 60, ẹ sì ní kí rẹwáyà fi sí orí wáyà pọ́sítífù, kó má jìnnà sí bátìrì ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan tàbí méjì lọ, torí kò sí ohun tó ń ṣọ́ wáyà tó wà láàárín bátìrì àti fíúsì.